Ìlà Funfun Tó Yí Gèlè Ká: Bí A Ṣe Ń Tún Etí Àwòrán Tí A Gé Ṣe Lórí Àwọ̀ Dúdú

Ó ti di ohun tí ojú ń rí káàkiri lára bánà ọjọ́ìbí, pósítà ìsìnkú àti ìwé ìpè ìgbéyàwó. Wọ́n ya màmá olọ́jọ́ìbí níwájú ògiri funfun, wọ́n gé e jáde nínú fọ́tò, wọ́n sì gbé e sórí àwọ̀ dúdú tàbí búlúù tó jinlẹ̀, kí àwọ̀ wúrà tí wọ́n fi kọ orúkọ rẹ̀ lè yọ dáadáa. Iṣẹ́ parí, ṣùgbọ́n ìlà funfun tín-ín-rín kan wà tó tẹ̀lé gèlè láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó yí etí po, tó sì gba orí èjìká lọ. Nígbà mìíràn ìlà náà kì í funfun. Ó lè ní àwọ̀ ewé, ó sì lè ní àwọ̀ àlùkò. Ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ gíráfíìkì á wò ó, á sì mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n lẹ màmá mọ́ ibẹ̀.

Lójú kọ̀ǹpútà, ìlà náà lè má ju nǹkan kékeré lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí fẹ̀ǹfẹ̀ àwòrán bá jẹ́ píksẹ́lì 1000, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí bánà tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 5, píksẹ́lì kan á gba nǹkan bíi mìlímítà kan ààbọ̀. Ìlà tó nípọn tó píksẹ́lì 2 á wá di mìlímítà 3, funfun gbòò lórí dúdú. Ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn á rí i.

Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé wọ́n rò pé ìdọ̀tí ni ìlà yìí, pé ògiri díẹ̀ ló kù síta tí àwọn kò gé kúrò. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló wọ́pọ̀ jù. Fọ́tò kọ̀ǹpútà jẹ́ àkójọ àwọn ojú àwọ̀ kéékèèké onígun mẹ́rin tí à ń pè ní píksẹ́lì, àwọ̀ kan ṣoṣo ni píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan sì lè gbà. Níbi tí etí gèlè ti pàdé ògiri, ààlà àwọn méjèèjì kì í bọ́ sí àárín píksẹ́lì méjì gẹ́lẹ́. Ó máa ń gba inú píksẹ́lì kan kọjá, ìdajì rẹ̀ á jẹ́ gèlè, ìdajì á jẹ́ ògiri. Kámẹ́rà kò lè kọ méjì sínú ẹyọ kan, nítorí náà ó po àwọ̀ méjèèjì pọ̀. Bí a bá da mílíìkì sínú tíì, kò sí bí a ṣe lè fi ṣíbí bu mílíìkì nìkan kúrò mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀ ògiri ṣe wà nínú píksẹ́lì etí. Gbogbo ibi tí a bá gbé màmá lọ ni ògiri náà ń bá a lọ.

Ìdí nìyí tí a kì í fi í rí àbùkù náà nígbà tí àwòrán bá wà lórí àwọ̀ funfun. Funfun inú etí bá funfun ẹ̀yìn mu. Orí dúdú ló ti ń tú àṣírí rẹ̀.

Ìṣòro yìí dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ní Amẹ́ríkà ti ń bá etí aláwọ̀ búlúù jà láti ìgbà tí wọ́n ti ń ya òṣèré níwájú aṣọ búlúù. Petro Vlahos wà lára àwọn tó jà á jù. Nínú fíìmù Mary Poppins tó jáde ní 1964, wọ́n lo ọ̀nà kan tó jẹ́ pé iná sódíọ́mù olómi ọsàn nìkan ló tan sí aṣọ ẹ̀yìn, tí kámẹ́rà sì ní gíláàsì pàtàkì tó ń ya ìmọ́lẹ̀ yẹn sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ́lẹ̀ tó wà lára òṣèré. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀yìn kò ráyè wọ etí. Nígbà tó di 1984, Thomas Porter àti Tom Duff tẹ ìwé kan jáde tó ṣàlàyé ìṣirò tí kọ̀ǹpútà fi ń gbé àwòrán kan lé òmíràn. Ìṣirò yẹn náà ni ètò orí kọ̀ǹpútà wa ń lò títí dòní, ó sì kúrú:

```
C = aF + (1 - a)B
F = (C - (1 - a)B) / a
```

`C` ni àwọ̀ tí kámẹ́rà kọ sílẹ̀. `F` ni àwọ̀ ojúlówó ohun tí a fẹ́ gé, `B` ni àwọ̀ ẹ̀yìn, `a` sì ni ìwọ̀n àyè tí ohun náà gbà nínú píksẹ́lì, láti òdo dé 1. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ní kọ̀ǹpútà, 0 ni dúdú pátápátá, 255 ni funfun pátápátá. Ká ní irun ẹ̀gbẹ́ etí màmá jẹ́ 30, ògiri jẹ́ 255, irun sì gba ìdajì píksẹ́lì. Ìdajì 30 jẹ́ 15, ìdajì 255 jẹ́ 127.5, àpapọ̀ wọn jẹ́ 142.5. Eérú ni ìyẹn, kì í ṣe irun mọ́.

Ní báyìí, gbé e sórí àwọ̀ dúdú tó jẹ́ 20. Bí a bá gé e gérégé láìfi ìdajì kankan sílẹ̀, 142.5 yẹn ló máa dúró síbẹ̀ láàárín irun 30 àti ẹ̀yìn 20. Bí a bá gé e dáadáa, tí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ìdajì ni, yóò tún pò ó: ìdajì 142.5 pẹ̀lú ìdajì 20, ó di 81. Ó dín kù, ṣùgbọ́n kò tíì tọ̀nà, torí pé ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni ìdajì 30 pẹ̀lú ìdajì 20, ìyẹn 25. Láti 25 dé 81 ni ìlà funfun tí à ń rí. Ẹni tó gé e kò ṣe àṣìṣe kankan. Pípé tí gígé náà pé gan-an kò tó, nítorí àwọ̀ ni kò tọ̀nà.

Mo fi ìṣirò yìí síbẹ̀ nítorí pé òun ló ń sọ irú oògùn tó yẹ. Oògùn tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ ń mú ni kí wọ́n gé etí náà wọlé, píksẹ́lì 1, 2, 3, títí ìlà á fi pòórá. Ẹyọ kan ṣoṣo lè ṣiṣẹ́. Tó bá ti di mẹ́ta, ọwọ́ ti ń tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ka yẹtí ti já, igun gèlè tó mú ti di róbótó. Oògùn kejì ni kí wọ́n mú etí náà rọ̀, tí `Feather` ń ṣe. Èyí máa ń burú sí i, nítorí ó ń na ààlà náà síta, ó sì ń kó ògiri púpọ̀ sí i wọlé. Ìlà funfun mímú á di èéfín funfun. Ohun tí etí náà ń fẹ́ ni pé kí á fi ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí á dá àwọ̀ tirẹ̀ padà fún un.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe é lórí àwòrán màmá yẹn nínú Fótóṣọ́ọ̀pù. Gèlè rẹ̀ pupa bíi wáìnì, ó wọ búbá léèsì, ògiri funfun ló wà lẹ́yìn rẹ̀, a sì fẹ́ gbé e sórí búlúù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí á gbé àwọ̀ dúdú sábẹ́ rẹ̀ kí á tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Ẹni tó ń tún etí ṣe lórí ibi alápótí funfun àti eérú tí ètò náà ń fi hàn, ohun tí kò rí ló ń tún ṣe. Lẹ́yìn náà, kí á ṣí `Select and Mask`, kí á yan `View` tó máa fi àwọ̀ dúdú hàn lẹ́yìn. Kí `Feather` má ju 0.5 lọ. Kí `Shift Edge` lọ sí ìsàlẹ̀ òdo díẹ̀, bíi -10 sí -20. Èyí rọ̀jú ju kí á fi tipátipá gé píksẹ́lì odidi, torí pé inú ààlà tó rọ̀ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí á wá fọwọ́ sí `Decontaminate Colors`. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú àwọ̀ àwọn píksẹ́lì tó wà nínú dáadáa, àwọn tí kò ní ògiri nínú rárá, ó sì ń fi rọ́pò àwọ̀ àwọn tó wà létí. Gèlè á gba àwọ̀ gèlè, awọ ara á gba àwọ̀ awọ ara.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kì í yé ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí etí ṣe rọ̀ tó ni agbára `Decontaminate Colors` ṣe pọ̀ tó. Bí o bá fi irinṣẹ́ péènì gé gèlè, tí etí rẹ̀ sì mú bí ó ṣe yẹ kó mú, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ààlà rírọ̀ kankan tó máa ṣiṣẹ́ lé lórí. O lè fà á dé 100 kí ìlà funfun ṣì wà níbẹ̀ kedere, kí o wá máa rò pé irinṣẹ́ náà kò dára. Bákan náà, nítorí pé ó ń yí àwọ̀ fọ́tò gan-an padà, inú léyà tuntun ni yóò gbé iṣẹ́ rẹ̀ sí. Kí o yan `New Layer with Layer Mask`, kí ti àtijọ́ lè wà níbẹ̀ bí ó bá bàjẹ́.

Fún etí tó mú bíi ti gèlè, ohun tó dára jù ni `Defringe`. Ó wà lábẹ́ `Layer`, nínú `Matting`. Orí léyà tí a ti gé tán ni ó ń ṣiṣẹ́ sí, nítorí náà bí ó bá jẹ́ pé máàsìkì lo fi bo ẹ̀yìn, ṣe ẹ̀dà léyà náà, kí o sì lo `Apply Layer Mask` lórí ẹ̀dà. Yóò béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ rẹ. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1. Bí o bá fi 4 tàbí 5 sí i, yóò máa na àwọ̀ inú síta títí etí gèlè á fi ní ilà gbọọrọ tí kò jọ aṣọ. `Remove White Matte` wà nítòsí rẹ̀, òun sì ni ó súnmọ́ ìṣirò tí a ṣe lókè jù: ó ń yọ funfun kúrò nínú píksẹ́lì tó bá jẹ́ ìdajì. Ó dára tí ẹ̀yìn àtijọ́ bá funfun pátápátá. Ògiri ilé wa kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Òjìji ń bẹ lára rẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ sì lè ní pípọ́n díẹ̀.

Ibi tí ẹ̀rọ bá ti dá wọn dá a, ọwọ́ ló kù. Irinṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù fún ìyókù ni `Clone Stamp`, tí a yí `Mode` rẹ̀ sí `Darken`. Kí o kọ́kọ́ ti ibi tí kò sí àwòrán pa pẹ̀lú `Lock transparent pixels`, kí búrọ́ọ̀ṣì má baà kun ìta. Lẹ́yìn náà, di `Alt` mú, tẹ ibì kan tó wọlé díẹ̀ sí etí, bíi píksẹ́lì 5 tàbí 6, kí o wá fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ etí náà lọ. Nítorí pé `Darken` ni, ohun tó bá mọ́lẹ̀ ju ibi tí o ti mú àwọ̀ nìkan ni yóò yí padà. Ìlà funfun á lọ, ìṣẹ́po gèlè tó ṣókùnkùn kò ní í di ohun tí a fọwọ́ kàn. Kí o máa tún àwọ̀ mú nígbàkúùgbà, torí pé gèlè kì í ní àwọ̀ kan náà lókè àti nísàlẹ̀.

Irun ló le jù. Fọ́nrán irun tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí lè gba ìdá kan nínú mẹ́wàá píksẹ́lì péré. Padà síbi ìṣirò wa: bí `a` bá jẹ́ 0.1, a ó fi 0.1 pín ohun tó kù, ìyẹn ni pé àṣìṣe kékeré nínú àwọ̀ ògiri á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Kò sí ètò tó lè mọ àwọ̀ irun náà láti inú píksẹ́lì yẹn nìkan. Yíyá ni wọ́n ń yá àwọ̀ láti inú. Ó ṣe wá ní oore pé irun dúdú ni irun wa. `Clone Stamp` lórí `Darken`, tí a mú àwọ̀ rẹ̀ láti inú irun, máa ń sọ àwọn fọ́nrán eléérú di dúdú lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí àwọ̀ dúdú, fọ́nrán tó sọnù kò ní í dun ẹnikẹ́ni. Fọ́nrán tó funfun ni yóò mú kí màmá dà bí ẹni tí iná ń jó lórí.

Ẹ tún wo léèsì. Ihò ló pọ̀ lára rẹ̀, ògiri funfun sì ń yọ láti inú ihò tó wà létí apá àti lọ́rùn, níbi tí kò sí awọ ara lẹ́yìn aṣọ. Gbogbo irinṣẹ́ tí a ti dárúkọ, etí ìta ni wọ́n ń wò. Wọn kò mọ̀ pé ihò náà jẹ́ etí. Kí o fi `Lasso` yí apá náà nìkan ká, kí o lo `Color Range` láti mú àwọ̀ ògiri, kí o sì fi dúdú kun ibi tó mú lórí máàsìkì. Má ṣe é lórí gbogbo àwòrán, nítorí eyín àti ẹyinjú màmá náà funfun. Bí léèsì fúnra rẹ̀ bá jẹ́ funfun, kò sí ọ̀nà àbùjá: ọwọ́ lo máa fi kun ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìlà aláwọ̀ yàtọ̀ sí ìlà funfun, ó sì yẹ kí á mọ ibi tó ti wá kí á tó tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ àlùkò ní ẹ̀gbẹ́ kan tí òdìkejì sì ní àwọ̀ ewé, tó sì ń le sí i bí a ṣe ń lọ sí igun fọ́tò, lẹ́ǹsì ló fà á. `Remove Chromatic Aberration` nínú `Camera Raw` ni kí o lò kí o tó gé ohunkóhun. Bí ó bá gbòòrò, tó rọ̀, tó sì wọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí èjìká, ìmọ́lẹ̀ tó ta láti ara ògiri aláwọ̀ tàbí koríko ló kọlu màmá. Fún èyí, gbé léyà tuntun lé e, lo `Create Clipping Mask`, mú àwọ̀ awọ ara tó mọ́ nítòsí, kí o sì fi búrọ́ọ̀ṣì tí `Mode` rẹ̀ jẹ́ `Color` kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. `Color` ń yí àwọ̀ padà láìfọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè wo ìlà funfun sàn.

Oríṣi kẹta wá láti inú Wáàsáàpù. Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ bí àwòrán lásán ti kéré sí i, wọ́n sì ti fún un mọ́lẹ̀. Ọ̀nà tí a sábà fi ń fún un ni pé kí píksẹ́lì mẹ́rin máa pín àwọ̀ kan lò, bí ìmọ́lẹ̀ wọn tilẹ̀ yàtọ̀. Pupa gèlè á ta sí ògiri, ògiri á sì ta sínú gèlè, kọjá ibi tí ojú rí etí náà sí. Kò sí irinṣẹ́ tó lè dá èyí padà dáadáa. Bákan náà ni fóònù ṣe ń mú kí etí mú ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń fa ìlà mímọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà dúdú. Bí o bá rí méjèèjì pọ̀, iṣẹ́ fóònù ni, ó sì lè gba pé kí o gé e wọlé tó píksẹ́lì 2.

Ẹni tí kò ní Fótóṣọ́ọ̀pù lè lo GIMP, ọ̀fẹ́ ni. Kí o gé màmá kí ògiri díẹ̀ ṣẹ́kù, nǹkan bíi píksẹ́lì 1, kí o yan etí nìkan pẹ̀lú `Select` àti `Border`, kí o wá lo `Color to Alpha` lórí funfun. Ìṣirò kejì tó wà lókè yẹn gan-an ló ń ṣe. Ewu rẹ̀ ni pé aṣọ tó bá sún mọ́ funfun, bíi kírímù tàbí búlúù ojú ọ̀run, yóò di ohun tí a ń rí ẹ̀yìn rẹ̀.

Kí o tó sọ pé ó parí, wo gbogbo etí ní 100%, kọ́kọ́ wò ó lórí dúdú pátápátá, lẹ́yìn náà lórí pupa. Dúdú ń fi funfun hàn, pupa ń fi àwọ̀ ewé àti búlúù hàn. Má sì pa gbogbo ìmọ́lẹ̀ etí run. Bí iná bá ti ẹ̀yìn tan sí màmá lóòótọ́, ìmọ́lẹ̀ náà á wà ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, á nípọn níbì kan kó tín-ín-rín níbòmíràn, á sì ní àwọ̀ gèlè nínú. Ìlà tó bá dọ́gba yíká, tó ní àwọ̀ ògiri, òun ni kí o yọ.

Ẹ̀yin ayafọ́tò, bí ẹ bá mọ̀ pé orí àwọ̀ dúdú ni àwòrán ń lọ, ẹ jẹ́ kí aṣọ ẹ̀yìn jẹ́ eérú dípò funfun, kí ẹ sì mú oníbàárà kúrò lára rẹ̀ tó mítà 2, kí ìmọ́lẹ̀ ògiri má baà ta sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́ gíráfíìkì, ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi `Document` lórí Wáàsáàpù, ẹ má fi ránṣẹ́ bí àwòrán lásán. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ bá sì ti bàjẹ́ jù, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún màmá yà kí wọ́n tó tẹ bánà.